Páálí òkè àjà: ẹ wo ihò ara wọn kí ẹ tó wá ẹ̀rọ

*Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìlọrin ni mò ń gbé. Nígbà tí a ń palẹ̀ ilé bàbá wa mọ́, a rí páálí kan lókè àjà. Kásẹ́ẹ̀tì wà ńbẹ̀, àwọn pelebe aláwọ̀ búlúù márùn-ún tó ní irin lẹ́nu, pelebe dúdú ńlá méjì tó rọ̀, àwọn kékeré kan tí nǹkan bíi síídì ń dán nínú wọn, àti ọ̀kan tó jọ kásẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n tí kò wọ inú rẹ́díò. Bàbá wa ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbúrò mi ti ki ọ̀kan nínú àwọn búlúù náà bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ní ká fọ́máàtì rẹ̀. Mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín. Kí ni wọ́n, ṣé a sì lè lù wọ́n?*

Ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín tẹ `Format disk` o. `Cancel` ni kó tẹ̀, kó yọ ọ́ jáde, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ síta pé `You need to format the disk in drive A: before you can use it`, kò túmọ̀ sí pé òfìfo ni ohun tí ẹ kì bọ̀ ọ́. Ohun tó ń wí ni pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe to ohun inú rẹ̀. Bí ẹ bá wá gbà fún un, àkọsílẹ̀ tó ń júwe ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ni yóò kọ́kọ́ pa rẹ́, ohun tí ì bá ṣeé kà lọ́wọ́ ẹlòmíràn yóò sì di wàhálà.

Mo ti yẹ àwọn fọ́tò yín wò dáadáa. Kí ẹ tó máa wá ẹ̀rọ kiri òpópónà Táíwò, ẹ mú rúlà ọmọ iléèwé kan àti tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì jókòó ti páálí náà. Ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan wọ̀nyí máa ń parọ́, nítorí àwọn èèyàn máa ń lo ọ̀kan ní àlòtúnlò láìpa orúkọ àtijọ́ rẹ́. Ihò ara rẹ̀ àti ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sábà parọ́.

Àwọn búlúù márùn-ún yẹn, dísíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n, irú tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń lò kí fílááṣì tó dé. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: ìbú rẹ̀ yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, gígùn rẹ̀ 9.4, nínípọn rẹ̀ yóò sì fi díẹ̀ lé ní mìlímítà 3. Bí nínípọn tiyín bá tó mìlímítà 6, kì í ṣe dísíkẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ má sì fi tipá kì í bọ inú ẹ̀rọ dísíkẹ́ẹ̀tì, nítorí oríṣi míràn wà tó jọ ọ́ lójú ṣùgbọ́n tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí àwo irin róbótó kan láàárín ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń dì í mú láti yí i. Bí ẹ bá fi èékánná ti ilẹ̀kùn irin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí awọ pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú. Orí awọ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i: bó bá ń dán geere, ó dára. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n funfun tó dà bí ibi tí búrẹ́dì ti bu, ẹ yà á sọ́tọ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ kankan, nítorí ẹbu náà yóò lẹ̀ mọ́ orí tó ń kàwé nínú ẹ̀rọ, orí náà yóò sì fi ha èyí tí ẹ bá kì tẹ̀lé e.

Nísinsìnyí, ẹ wo igun méjèèjì tó jìnnà sí ilẹ̀kùn irin. Ihò kan wà ní igun kan tó ní ike kékeré tí ń lọ síwá sẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ti ike náà títí ẹ fi lè rí òdìkejì láti ojú ihò, ẹ̀rọ lè kà á ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i mọ́, kò sì lè fọ́máàtì rẹ̀. Ó máa ń rú àwọn èèyàn lójú, torí wọ́n rò pé ihò tó ṣí ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹ ti márààrún kí ohunkóhun tó tún ṣẹlẹ̀.

Igun kejì ni yóò sọ bí ó ṣe tóbi tó. Bí ihò gbalasa bá wà níbẹ̀, tí kò ní ike kankan, mẹ́gábáìtì 1.44 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ibẹ̀ bá dí, kílóbáìtì 720 ni. Nínú fọ́tò yín, mẹ́ta ní ihò kejì, méjì kò ní in. Èyí tí kọ̀ǹpútà kọ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tó ní ihò, wọ́n sì kọ 1991 sí i lára. Ohun méjèèjì yìí pa pọ̀ ló jẹ́ kí n fura sí nǹkan kan.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣì wà tí ẹ̀rọ dísíkẹ́ẹ̀tì wọn kò mọ̀ ju 720 lọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í wo ihò kejì rárá. Bí akọ̀wé bá ra dísíkẹ́ẹ̀tì tó ní ihò, tó kì í bọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò kọ ọ́ bíi pé 720 ni, iṣẹ́ yóò sì lọ láìsí wàhálà. Ẹ̀rọ tí àbúrò yín rà lónìí ní tirẹ̀ máa ń wo ihò. Ó rí i, ó ní "mẹ́gábáìtì 1.44 lèyí", ó wá ìlà inú rẹ̀ títí, kò bá a níbi tó rò, ló bá ní ká fọ́máàtì. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. Ẹ gé sẹ́lótéèpù dúdú tàbí téèpù oníná, ẹ fi bo ihò kejì yẹn lójú àti lẹ́yìn, kó tẹ́ pẹrẹsẹ kí etí rẹ̀ má bàa ká sókè nínú ẹ̀rọ. Sẹ́lótéèpù funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá lè má ṣiṣẹ́, torí ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń fi iná wo ihò náà. Ihò kọ́kọ́rọ́ ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kó ṣí. Ẹ wá kì í bọ̀ ọ́ padà. Bí orúkọ fáìlì bá jáde, àlàyé náà nìyẹn.

Bí kò bá jáde, ó ku ohun méjì. Ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà Mákíńtọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló kọ ọ́. Àwọn yẹn máa ń kọ kílóbáìtì 800 sórí rẹ̀, ìyára tí wọ́n fi ń yí i sì máa ń yí padà láti ìlà kan dé òmíràn, nítorí náà ẹ̀rọ tí a ń rà lọ́jà kò lè kà á láéláé, bó ti wù kí ẹ gbìyànjú tó. Ó sì lè jẹ́ pé awọ ara rẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti pé ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n kà, ó sábà máa ń kọ̀ ọ́ kíákíá. Bí ó bá jẹ́ bíbàjẹ́, ẹ lè rí orúkọ fáìlì, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò dúró láàárín, ẹ ó sì máa gbọ́ tí ẹ̀rọ ń pa kà, kà, kà, tó ń padà sójú kan náà. Ẹ má jẹ́ kó máa gbìyànjú lọ. Ẹ yọ ọ́, ẹ wo awọ rẹ̀. Bí òrùka tí wọ́n ha ti hàn lórí rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró.

Fún àwọn tó bá kà, ẹ má ṣe máa ṣí fáìlì láti orí dísíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà odindi rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tó máa wo ohun inú rẹ̀. Ẹ̀dà tó pé ti 1.44 máa ń jẹ́ báìtì 1,474,560 géérégé. Ti 720 jẹ́ 737,280. Bí iye rẹ̀ bá dín, ẹ̀dà náà kò pé, ohunkóhun tí wọ́n ìbáà sọ fún yín. Lẹ́tà tí wọ́n fi WordPerfect kọ nígbà náà lè má ṣí dáadáa nínú Word tòní, ṣùgbọ́n LibreOffice, tí kì í gba owó, mọ̀ ọ́n kà.

Pelebe dúdú ńlá méjì yẹn, ẹ̀gbọ́n dísíkẹ́ẹ̀tì ni. Sẹ̀ǹtímítà 13 ó lé díẹ̀ ni ojú kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ilẹ̀kùn, nítorí náà awọ rẹ̀ hàn síta. Ẹ má fọwọ́ kan ibi tó hàn yẹn. Kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ni ibi tí wọ́n gé kúrò létí rẹ̀: bí ẹ bá fi téèpù bo ibẹ̀, ó ti tì nìyẹn. Mi ò ní tan yín, kò sí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí ẹ lè rà fún un. Ó gba ẹ̀rọ dísíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àti pátákó kékeré kan tí yóò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà òde òní. Bí ẹ bá tẹ Greaseweazle sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí irú rẹ̀. Ẹ tọ́jú méjèèjì sínú àpò ìwé wọn, ẹ má ká wọn, ẹ má sì fi bíró kọ nǹkan sí wọn lára.

Ìdí kásẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó sí jù. Ẹ di ọ̀kan mú kí sáìdì A kọjú sí yín, kí ibi tí fọ́nrán ti yọ síta wà nísàlẹ̀. Ẹ wá wo etí òkè. Ní igun òsì àti ọ̀tún, ihò kékeré onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tí wọ́n rà láti gba ohùn, eyín ike pẹlẹbẹ kan ló máa ń dí ihò kọ̀ọ̀kan. Ti òsì ló ń ṣọ́ sáìdì tó kọjú sí yín, ti ọ̀tún ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Bí ẹnìkan bá ká eyín náà dànù, bọ́tìnì tí a fi ń gba ohùn kò ní wọlẹ̀ mọ́ nínú rẹ́díò. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tí eyín rẹ̀ ti ká, ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, nítorí kò fẹ́ kí ohun inú rẹ̀ pa rẹ́. Irú bẹ́ẹ̀ mẹ́rin wà nínú fọ́tò yín, kò sì sí nǹkan kan tí wọ́n kọ sí wọn lára. Àwọn gan-an ni kí ẹ fi sókè.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ olórin tẹ̀ jáde kì í ní eyín láti ìpilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa: ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ tàbí alfa ti gun orí pèpéle wáàsí, kò sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo nílẹ̀, ni ẹnìkan bá mú ti olórin, ó fi ìwé dí ihò rẹ̀, ó sì gba tirẹ̀ lé orin lórí. Ẹ padà lọ wo èyí tí wọ́n tẹ orúkọ Odòlayé Àrẹ̀mú sí lára. Ìwé tí wọ́n ká ṣù ni wọ́n fi dí ihò òsì, wọ́n sì lẹ sẹ́lótéèpù tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lé e. Ihò ọ̀tún ṣófo. Ohun tí mo rí kà nínú ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí dàdàkúàdà ṣì wà ní sáìdì B bí wọ́n ṣe tà á, kí sáìdì A sì jẹ́ ohun tí bàbá yín tàbí ẹlòmíràn gbà sí i. Ẹni tó bá ka orúkọ tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì náà nìkan, àárín orin ni yóò kó o sí. Bí ẹ bá lù ú, ẹ gbọ́ sáìdì A dé òpin, ẹ má dúró níbi tí orin bá ti tún padà. Ó lè jẹ́ pé ìpàdé parí ṣáájú fọ́nrán, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n tún gba nǹkan míràn sí ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó lù ú, ẹ ya fọ́tò ìwé tó dí ihò náà, lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, tí ọwọ́ ọmọ kan ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì pupa, ohùn ọmọ náà lẹ ó gbọ́ lórí ohùn bàbá yín. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún àwọn tí eyín wọn ṣì wà níbẹ̀: ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ká wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ojú dígí àárín rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Fọ́nrán tó wé dáadáa máa ń dán bákan náà yíká. Ẹbu funfun á hàn bí ìyẹ̀fun létí fọ́nrán. Òkè àjà tí páànù ń jò ló máa ń fà á. Ẹ yà irú ẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ yí kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀: lẹ́yìn fọ́nrán, ní àárín gbùngbùn, pádì kékeré tó rọ̀ bí aṣọ gbọ́dọ̀ wà lórí irin pẹ́pẹ́ kan. Pádì yìí ló ń ti fọ́nrán mọ́ orí ẹ̀rọ. Gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ ẹ́ máa ń gbẹ, pádì á já bọ́, ohùn á wá dínkù bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá kejì. Kì í ṣe pé ohùn ti pa rẹ́. Bí súkúrù márùn-ún bá wà lára kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lè ṣí i, kó sì gbé fọ́nrán sínú ike kásẹ́ẹ̀tì míràn tó dára. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, iṣẹ́ náà le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Ẹ fi bíró onígun mẹ́fà yí kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dára; bó bá há, ẹ má fi ipá ṣe é, torí ibi tí fọ́nrán ti so mọ́ kẹ̀kẹ́ ló máa ń já. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò níyì lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi dán rẹ́díò àlòkù tí ẹ bá rà wò, odindi sáìdì kan, bóyá ó máa jẹ fọ́nrán. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 120 sí, ẹ ṣọ́ra fún un jù, nítorí fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín ju ti 60 àti 90 lọ, òun ni rẹ́díò kọ́kọ́ máa ń jẹ.

Àwọn kékeré tó ń dán nínú wọn ni mínídísíìkì, tí Sony gbé jáde ní 1992. Wọ́n jọ ọmọ dísíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 7 ni wọ́n fi díẹ̀ gùn tàbí fi díẹ̀ dín, wọ́n sì nípọn tó mìlímítà 5. Ilẹ̀kùn wọn ni kí ẹ wò. Bó bá ṣí lójú kan ṣoṣo, orin tí wọ́n ti tẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni. Bó bá ṣí lójú méjèèjì, òfìfo tí èèyàn rà láti gba ohùn ni. Ìdí rẹ̀ ni pé láti gba ohùn sí i, iná léésà ní láti mú un gbóná láti ìsàlẹ̀, kí orí olóòfà sì fọwọ́ kàn án láti òkè. Méjèèjì tiyín ló ṣí lójú méjì, ẹ̀gbọ́n tàbí àna tó dé láti òkè òkun ló ṣeé ṣe kó mú wọn bọ̀.

Ìgbóná yẹn náà ló ń dáàbò bò ó. Bí wọ́n bá ti gbé páálí yín lé sípíkà ńlá rí, òòfà inú sípíkà lè ti pa ohun orí dísíkẹ́ẹ̀tì àti kásẹ́ẹ̀tì lára, ṣùgbọ́n kò lè pa ti mínídísíìkì, nítorí òòfà kò rí i ṣe bí léésà kò bá kọ́kọ́ mú un gbóná. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà létí, bíi ti dísíkẹ́ẹ̀tì: ihò tó ṣí ni títì. Ẹ ti í, kí ẹ wá yá ẹ̀rọ mínídísíìkì, ẹ ki okùn láti ihò íápíìsì rẹ̀ bọ ihò ìgbohùn kọ̀ǹpútà, kí ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ bí kọ̀ǹpútà ti ń gbà á. Ìṣẹ́jú 74 rẹ̀ yóò gba ìṣẹ́jú 74. Kò sí ọ̀nà àbùjá fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá gbà á lọ́nà tó ń jẹ́ kí ohùn púpọ̀ sí i wọ inú rẹ̀, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ó ku èyí tí kò wọ inú rẹ́díò. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó nípọn tó mìlímítà 15, fọ́nrán rẹ̀ kò sì hàn síta: ilẹ̀kùn ike gígùn kan ló bò ó létí. Wọ́n kọ P5-90 sí i. Fídíò ni, ti kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní Video8, ìṣẹ́jú 90 lórí ìlànà tẹlifíṣọ̀n tiwa. Ẹ má wá rẹ́díò tàbí ẹ̀rọ fídíò ńlá fún un. Kámẹ́rà irú tirẹ̀ ló ń lù ú, èyí tí wọ́n kọ Video8 tàbí Hi8 sí lára. Àwọn tó ń ya fídíò ìnáwó ní Ìlọrin láyé ọjọ́un, àwọn míràn ṣì ní tiwọn nílé. Kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó fi fọ́nrán tirẹ̀ lu kámẹ́rà náà lójú yín, kó lù ú síwájú, kó dá a padà, kó yọ ọ́ jáde. Bí fọ́nrán bá yọ láìká, ẹ fún un ní tiyín.